Ibi tí ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú Màámi parí sí

"Bùrọ̀dá mi ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ń fowó ránṣẹ́, kí n yé béèrè àfikún. Èmi ni mo ń gbé pẹ̀lú Màámi ní Súrùlérè látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú wọn. Ta ló yẹ kó san kí ni?"

Ìbéèrè tí mo bi yín níbí nìyẹn. Ẹ ṣé gan-an fún ìdáhùn yín. Ìyá nọ́ọ̀sì tó dá mi lóhùn ló là mí lójú: kí n kọ ìnáwó oṣù kan sílẹ̀, kí n ka wákàtí tèmi náà mọ́ ọn. Mo kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, dáípà, owó ẹni tó ń wá na ẹsẹ̀ wọn, epo jẹnẹrétọ̀. Mo kọ yíyí tí mò ń yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má baà dá sí ìdí wọn, tòru-tòru. Mo ya fọ́tò ìwé náà, mo fi ránṣẹ́ sí Bùrọ̀dá. Ọjọ́ méjì, wọn ò fọhùn. Nígbà tí wọ́n pè, ohùn wọn ti rọ̀. Oògùn nìkan ni àwọn rò pé à ń rà.

Ẹni tó ní kí èmi àti Bùrọ̀dá pín ìnáwó náà dọ́gba nínú yín sọ òótọ́ díẹ̀, àmọ́ mo ti ti ṣọ́ọ̀bù mi pa nítorí Màámi. Ibi tá a parí ọ̀rọ̀ sí nìyí: Bùrọ̀dá yóò máa san owó olùtọ́jú alẹ́ àti dáípà, wọn yóò sì máa sanwó oògùn tààrà fún oníkẹ́míìsì. Oúnjẹ àti epo di tèmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ ti ilé bàbá yín tí wọ́n tà, mo bá yín kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ìjà ogún kọ́ ni tiwa.

Àbúrò wa ní Ìkòròdú ò tíì dá kọ́bọ̀. Mo ṣì ń bá a sọ ọ́.