Lẹ́tà tí mo kọ kí yunifásítì tó gbà láti jẹ́rìí sí dìgírì mi

Ọmọ Tánkè: Ilé-iṣẹ́ kan níbí ní Ìlọrin fẹ́ gbà mí, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀rí dìgírì mi gbọ́dọ̀ ti rẹ́jísírì wá bá àwọn tààrà, kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ mi kọjá. Lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kọ kò ju ìlà mẹ́ta lọ, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta retí èsì lásán. Nígbà tí mo lọ fúnra mi, òṣìṣẹ́ kan fi ìka tọ́ ibi tí mo fọwọ́ sí: orúkọ ọkọ mi ni mo kọ síbẹ̀, wọn kò sì ní in nínú ìwé kankan. Èyí ni mo wá kọ:

"Sí Rẹ́jísírà, fún àfiyèsí Ẹ̀ka Ìdánwò àti Àkọsílẹ̀. Orúkọ tí mo fi gba dìgírì àti èyí tí mò ń jẹ́ báyìí wà lókè yìí. Mo fi ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́ tì í. Mo wọlé ní 2011, mo jáde ní 2015, nọ́ńbà mátíríìkì mi sì wà lábẹ́ orúkọ náà. Mo yọ̀ǹda kí ẹ sọ irú dìgírì tí mo gbà, ìpele rẹ̀ àti ọdún rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí àdírẹ́sì àti ìmélì rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí mi àti rìsíìtì owó wà pẹ̀lú rẹ̀."

Bàbá Àkọsílẹ̀, Ọ̀fà: Ọmọ mi, o ṣe é dáadáa. Kí n tó fẹ̀yìntì, nọ́ńbà mátíríìkì la fi ń wá fáìlì, nítorí èèyàn mẹ́rin lè máa jẹ́ orúkọ kan náà ní ọdún kan ṣoṣo. Gbólóhùn "mo yọ̀ǹda" yẹn kò ṣeé fò, pàápàá láti ìgbà tí òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 ti dé. Ṣé ìmélì ilé-iṣẹ́ gan-an lo fún wọn? Bí ó bá jẹ́ ti Gmail, a máa ń fura, torí olùbéèrè fúnra rẹ̀ lè ti ṣí i.

Ìyá Ìbejì, Òmù-Àrán: Ẹ ò bá kúkú ní kí wọ́n fi tíránskíríìtì ránṣẹ́, òun náà kì í gba ọwọ́ ẹni.

Bàbá Àkọsílẹ̀, Ọ̀fà: Òótọ́ ni pé kì í gba ọwọ́ rẹ, ìyá ìbejì, ṣùgbọ́n máàkì gbogbo iṣẹ́ tó ṣe ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí agbanisíṣẹ́ ń bi wọ́n ni bóyá ayédèrú ni ìwé tó wà lọ́wọ́ òun.

Sààkí Gáà Àkànbí: Ìwé ẹ̀rí tèmi bọ́ sọnù nínú ọkọ̀ Ajáṣẹ́. Ṣé irú lẹ́tà yìí lè bá mi gba òmíràn?

Ọmọ Tánkè: Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn yàtọ̀ o. Bàbá, ìmélì ilé-iṣẹ́ gan-an ni mo fún wọn. Rẹ́jísírì sọ pé àwọn ti fi ránṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé, agbanisíṣẹ́ ní òun kò tíì rí i. Mo ti gba nọ́ńbà ìfiránṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì fi fún ilé-iṣẹ́ ní àárọ̀ yìí kí wọ́n fi wá a.