Orúkọ fún ọ̀nà mẹ́ta tí a ń gbà yá kọ̀ǹpútà

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, mo ń ṣe ìwé ìtọ́nisọ́nà fún àwọn akọ̀wé owó wa ní Abùjá. Kí ni kí n pe Reserved, Spot àti On-Demand tí wọ́n ń rí lórí ìwé owó kọ̀ǹpútà ayálò?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa ní Kàdúná ti pe On-Demand ní àlòsan, mo sì fara mọ́ ọn, nítorí ìwọ̀n àkókò tí ẹ̀rọ bá fi ṣiṣẹ́ nìkan ni ènìyàn ń san. Àsansílẹ̀ tí wọ́n pe Reserved ni n kò gbà. Ènìyàn lè mú un láìsan kọ́bọ̀ ṣáájú, kó máa san án lóṣooṣù. Ìlérí ọdún 1 tàbí ọdún 3 ló so ó mọ́lẹ̀, yóò sì máa san, yálà ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ tàbí ó wà ní pípa. Àǹtí wa ní Jọ́ọ̀sì ní kí a pè é ní àfipamọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀ ní apá kan: lórí EC2, ìyẹn kọ̀ǹpútà ayálò ti Amazon, èyí tí a rà fún ibùdó kan pàtó ń fi àyè pamọ́ deni, ṣùgbọ́n èyí tí a rà fún agbègbè lápapọ̀ kò fi nǹkan kan pamọ́, ẹ̀dínwó lásán ni. Aládèéhùn ni mo dábàá.

Ó yẹ kí akọ̀wé owó rí àdéhùn yẹn nínú orúkọ náà, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Ká ní àlòsan jẹ́ sẹ́ǹtì 10 ní wákàtí kan, kí aládèéhùn sì jẹ́ sẹ́ǹtì 6. Oṣù kan jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 730, nítorí náà aládèéhùn yóò gba dọ́là 43.80 láìka bí a ṣe lò ó sí. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru yóò jẹ dọ́là 73 lórí àlòsan, àdéhùn ló sì sàn fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìdánwò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tàn fún wákàtí 10 lóòjọ́, fún ọjọ́ 22 lóṣù, dọ́là 22 péré ni yóò jẹ. Bàbá wa ní ohunkóhun tí a bá ń lò lójoojúmọ́ ni ká ṣe àdéhùn fún. Wákàtí ló yẹ ká kà, nítorí ó di ẹ̀yìn wákàtí 438 lóṣù kí àdéhùn yìí tó lérè.

Ní ti Spot, àjẹkù tí bàbá wa dábàá sọ ibi tí ẹ̀rọ ti wá, torí àyè tí ẹnikẹ́ni kò tíì yá ni, ṣùgbọ́n kò sọ ewu rẹ̀. Agbapadà ni èmi fẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa ní Kánò, tó ń bèèrè bóyá iná mànàmáná ló ń pa ẹ̀rọ Spot tí wọ́n gbé ìforúkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wọn sí, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe iná. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ń gbà á padà, ìkìlọ̀ ìṣẹ́jú 2 péré ni EC2 sì ń fúnni. Ẹ gbé ìforúkọsílẹ̀ yẹn kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ tó yẹ agbapadà ni irú èyí tí à ń ṣe lóru, tí à ń sọ ohùn tí a gbà sílẹ̀ di fáìlì kékeré: èyí tó bá parí ti lọ síbi ìpamọ́ mìíràn, ẹ̀rọ tuntun yóò sì mú èyí tó kàn. Ẹ̀dínwó rẹ̀ lè tó ìdá 90 nínú 100, ṣùgbọ́n bí fáìlì kan bá ń gba wákàtí 5 tí kò sì fi ibi tó dé pamọ́, a óò kàn máa tún un bẹ̀rẹ̀ ni, a óò sì máa sanwó rẹ̀.

Àǹtí wa ní agbapadà dún bí ẹrù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onígbèsè. N kò lè sọ pé kò dún bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó gbé àyè tó ṣẹ́ kù àti gbígbà padà pọ̀, kó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn akọ̀wé.