Hítà mi ò gbóná dáadáa, abẹ́rẹ́ gééjì ò sì dé àárín

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀fọ̀n: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kòrólà 2005 ni mo ń wà. Ìdájí ni mo máa ń jáde lọ sí Adó, ìkúùkù a sì bo gíláàsì iwájú. Tí mo bá tan hítà kó lè mọ́, atẹ́gùn lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń fẹ́. Ẹ́ńjìnnì a pẹ́ kó tó móoru. Abẹ́rẹ́ gééjì a gòkè díẹ̀ nínú gòsílóò, àmọ́ tí mo bá sáré lójú títì, a tún wálẹ̀. Epo sì ń tètè tán. Kí ni mo lè ṣe?

Dáyọ̀ Ìkẹ́rẹ́: Kúlántì ló dínkù, mà. Ẹ bu kún un.

Bàbá Bọ̀sẹ̀: Tèmi máa ń hó. Mẹkáníìkì yọ tẹmósítáàtì, fáàfù tó ń ṣí ọ̀nà fún omi rédíétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, dànù, híhó náà sì dáwọ́ dúró. Ẹ yọ tiyín náà.

Àgbà Wọ́kíṣọ́ọ̀bù, Adó: Ẹ má yọ ọ́ o, mà. Ọkọ̀ tí kò ní i a máa ṣe gan-an bí tiyín ṣe ń ṣe yìí. Dáyọ̀, kúlántì tó bá kéré lè mú hítà tutù lóòótọ́, torí náà kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó kí ọkọ̀ tó gbóná. Àmọ́ abẹ́rẹ́ tó ń wálẹ̀ tí ọkọ̀ bá ń sáré, tẹmósítáàtì tó ṣí sílẹ̀ tí kò padé mọ́ ni mo fura sí. Atẹ́gùn ojú títì ń fẹ́ lu rédíétọ̀, omi tútù sì ń wọ ẹ́ńjìnnì láìdúró.

Nínú Kòrólà yín, ìdí họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ ni tẹmósítáàtì wà. Tí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú, ẹ tan án, kí ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀sì yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣọ́ra fún fáànù. Ó yẹ kó ṣì tutù títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dáadáa, torí ìwọ̀n 80 sí 84°C ni tẹmósítáàtì yẹn ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bó bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú tòkè láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti há sí ṣíṣí nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀fọ̀n: Ẹ ṣé gan-an, sà. Kúlántì pé, àmọ́ họ́ọ̀sì méjèèjì jọ ń móoru ni. Síkáánà náà gbé kóòdù P0128 jáde, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì ò gbóná tó bó ṣe yẹ. Mẹkáníìkì tú tẹmósítáàtì, mo sì rí àlàfo létí fáàfù rẹ̀ bó ṣe tutù tó, èékánná mi wọ̀ ọ́.

Àgbà Wọ́kíṣọ́ọ̀bù, Adó: Ó ti bàjẹ́. Ẹ ra tuntun tó bá ẹ́ńjìnnì yẹn mu pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀. Kí ó dojú ihò kékeré ara rẹ̀ sókè, kí wọ́n sì lé atẹ́gùn jáde nínú omi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ hítà a tún tutù.

Dáyọ̀ Ìkẹ́rẹ́: Epo tó ń tètè tán ńkọ́?

Àgbà Wọ́kíṣọ́ọ̀bù, Adó: Ẹ́ńjìnnì tutù ń gba epo púpọ̀ sí i. Àmọ́ mi ò lè búra pé ìyẹn nìkan ni. Tó bá ṣì ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn èyí, kí wọ́n wo púlọ́ọ̀gì àti bíréèkì.