Kọ́kọ́rọ́ ta ló kùnà?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ̀yin àgbà, mo ń túmọ̀ àwọn ìkìlọ̀ SSH, ètò tí a fi ń ti orí ẹ̀rọ wa wọ sáfà tó wà níbòmíràn, fún àwọn òṣìṣẹ́ wa. “Host key verification failed” ni mo pè ní “Ìjẹ́rìísí kọ́kọ́rọ́ olùgbàlejò kùnà”. Nígbà tí ìkìlọ̀ yẹn wá yọ lóòótọ́ lọ́jọ́ Ajé, ọ̀kan nínú wọn pa kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ rẹ́, ó ṣe òmíràn. Ìkìlọ̀ kò sì lọ. Níbo ni mo ti ṣì í, báwo la sì ṣe máa bọ́?

Ará Kétu: “Kọ́kọ́rọ́” ló ṣi ọmọ yẹn lọ́nà. Nílé wa, ẹni tó fẹ́ wọlé ló ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbọ́ pé kọ́kọ́rọ́ kùnà, tọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí ẹ̀rọ ń wí ni pé ojú tí onílé fi pàdé wa lónìí kì í ṣe ojú tí a mọ̀ ọ́n sí. Ní ẹnubodè Akaba Ìdẹ́nà, oníbodè ló ń yẹ àlejò wò. Níhìn-ín, àlejò ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo ojú onílé kó tó wọlé. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ báyìí: “A kò dá onílé yìí mọ̀ mọ́.” Ẹ pe ohun tó yí padà ní “àmì ìdámọ̀ onílé”, kí ẹ sì pe fáìlì known_hosts ní “ìwé ojúlùmọ̀”. Olùgbàlejò yẹn, n kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu àgbà kankan.

```
Offending ED25519 key in /home/akowe/.ssh/known_hosts:7
Host key verification failed.
```

7 tó wà níparí yẹn ni ìlà keje nínú ìwé ojúlùmọ̀. Ìlà yẹn nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa gbogbo fáìlì náà rẹ́, torí gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò di àjèjì sí yín lọ́jọ́ kan náà.

Tíṣà Ṣábẹ̀ẹ́: Mo fara mọ́ ojúlùmọ̀, ó dùn létí. Ṣùgbọ́n kí ni “ìdámọ̀”? Ìdánimọ̀ ni Yorùbá ń jẹ́. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ lédè yìí, ẹ má gé e lórí mọ́ wa lọ́wọ́.

Ará Kétu: Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún yín. “Ni” tó wà láàárín yẹn, ènìyàn ni. Apani, ènìyàn ló ń pa. Abanijẹ́ kì í ba ewúrẹ́ jẹ́. Ẹ̀rọ kì í ṣe ènìyàn, “ni” kò ní iṣẹ́ níbẹ̀.

Oníṣòwò Wàǹdó: Ẹ jẹ́ ká tún ti ọmọ yìí ṣe ná. Ẹ tẹ `ssh-keyscan` sí sáfà náà, yóò fún yín ní àmì tuntun, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ojúlùmọ̀, ó parí. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ará Kétu: Ó máa mú ìkìlọ̀ lọ lóòótọ́, àmọ́ kò yẹ nǹkan kan wò. Ọ̀nà kan náà ni keyscan gbà lọ bèèrè. Bí ẹlẹ́tàn bá dúró láàárín ọ̀nà, òun náà ni yóò dáhùn, ẹ ó sì fọwọ́ ara yín kọ ọ́ sínú ìwé ojúlùmọ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́, kí ló ṣẹlẹ̀ sí sáfà náà kó tó di ọjọ́ Ajé?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Díìsìkì rẹ̀ kú lọ́jọ́ Jímọ̀. Alábòójútó tún gbogbo rẹ̀ tò lórí díìsìkì tuntun lọ́jọ́ Sátidé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ará Kétu: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹn. Ẹ̀rọ tí a bá tún tò máa ń ṣe àmì tuntun fún ara rẹ̀, àfi bí a bá ti kó àwọn fáìlì ssh_host inú /etc/ssh pamọ́, tí a sì dá wọn padà. Ṣùgbọ́n ìtàn tó bára mu kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ pe alábòójútó ní nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀. Kó jókòó síwájú sáfà gan-an, kó má gba orí nẹ́tíwọ̀kì wọ̀ ọ́, kó tẹ èyí:

```
ssh-keygen -lf /etc/ssh/ssh_host_ed25519_key.pub
```

Yóò rí SHA256: pẹ̀lú àmì 43 tó tẹ̀ lé e. Ìtẹ̀ka onílé nìyẹn. Kó fi í ránṣẹ́ sórí fóònù yín, kó má kà á sí yín létí, torí lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí kékeré níbẹ̀, ẹ sì máa jà lórí O àti òdo. Ẹ wá yọ ìlà àtijọ́ kúrò:

```
ssh-keygen -R 192.168.1.20
```

Ó ń fi ẹ̀dà àtijọ́ pamọ́ sí known_hosts.old. Tí ẹ bá ń fi orúkọ pe sáfà náà, ẹ yọ orúkọ pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ẹ wọlé bí ẹ ti máa ń ṣe. Yóò bi yín ní yes/no/[fingerprint]. Ẹ má tẹ yes. Ìtẹ̀ka tí alábòójútó fi ránṣẹ́ ni kí ẹ lẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀rọ yín yóò fi wéra fúnra rẹ̀. Tí kò bá dọ́gba, yóò tún bi yín. Ẹ tẹ no, kí ẹ dúró. Láti OpenSSH 8.0 ti ọdún 2019 nìyí. Bí tiyín bá ti gbó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ni ẹ ó fi wò ó, gbogbo 43.

Ìyá Pọ́bẹ̀: Èmi náà wà nínú wàhálà yìí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. “Permission denied (publickey)” ló ń kọ sí mi. Mo ti tẹ -R yẹn, kò ṣiṣẹ́.

Ará Kétu: Ìyá, tiyín yàtọ̀. Ẹ̀yin mọ onílé, onílé ni kò mọ̀ yín. Níbẹ̀ ni “kọ́kọ́rọ́” ti bójú mu, tọwọ́ yín sì ni.

Ọmọ Àjàṣẹ́: A ṣe é. Lákọ̀ọ́kọ́, kò dọ́gba, àyà mi já. Mo tẹ no. Àṣé fáìlì rsa ni alábòójútó kà, ẹ̀rọ mi sì ń fi ED25519 hàn mí. Nígbà tó ka èyí tó tọ́, ó gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ọmọ tó pa kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ti wá bọ́ sínú ti Ìyá Pọ́bẹ̀ báyìí. Alábòójútó ní láti fi tuntun rẹ̀ sórí sáfà. Ìtumọ̀ mi ló fa ìyẹn, mo ti yí i padà sí “A kò dá onílé yìí mọ̀ mọ́”.

Tíṣà Ṣábẹ̀ẹ́: Inú mi dùn pé ó ṣiṣẹ́. N kò tíì gbà fún Ará Kétu o. Ó ní ẹ̀rọ kì í ṣe ènìyàn. Òun náà ló pè é ní onílé, ló fún un lójú, ló tún ní ó ní ìtẹ̀ka, bí ẹni pé ó ní ìka. Ohun tó ń gba àlejò, tó ní ojú tó sì ní ìka, “ni” nìkan ni a ó wá fi dù ú? Ìyá mi àgbà máa ń bá ọlọ ata rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìdánimọ̀ ni.

Ará Kétu: Mo ti gbọ́ ti ìtẹ̀ka, ó wọ̀ mí lára díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi àwọn àgbà ilé wa léèrè lọ́jọ́ ọjà.

Oníṣòwò Wàǹdó: Bí ẹ bá máa kọ ọ́ sórí ẹ̀rọ ọ́fíìsì ní Bẹ̀nẹ̀, ṣé ẹ̀ ẹ́ máa kọ ɛ àti ɔ ni, bí wọ́n ṣe là á kalẹ̀ láti 1975, àbí ẹ àti ọ alámì nísàlẹ̀ yìí?

Tíṣà Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìyẹn lónìí.