Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ànkárá ẹ̀gbọ́n mi

Ohun tí mo bèèrè: "Ìbàdí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́ ínǹṣì 52. Yáàdì mélòó ni ìró àti bùbá máa gbà?"

Ẹ ṣeun o, aṣọ ti délé. Ẹni tó ní yáàdì 4 tó gbogbo èèyàn, èmi tí mo tẹ́ẹ́rẹ́ ló tó. Ìyá aránṣọ tó ní ká fi ìdajì ìbàdí kún ìbàdí ló jàre: 52 àti 26 jẹ́ 78, yáàdì 2 sì jẹ́ ínǹṣì 72 péré. Yáàdì 2 ààbọ̀ la gé fún ìró. Ẹ̀gbọ́n jókòó, kò ṣí sílẹ̀.

Bùbá ló yà mí lẹ́nu. Ìbú ànkárá náà jẹ́ ínǹṣì 45. Tèmi, iwájú àti ẹ̀yìn máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tiẹ̀ kò gbà, a gé ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ínǹṣì 27 lọ́nà méjì, apá tún gba 18. Yáàdì 2 géérégé. Nínú 5 tí mo rà, ààbọ̀ ló ṣẹ́kù.

Ẹni tó ń bèèrè gèlè, mi ò ka ìyẹn mọ́ ọn.

Àbí ẹ rí nǹkan: ẹyẹ inú ànkárá náà dúró lórí bùbá, wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ìró. Mi ò tíì rí ọgbọ́n dá sí i.