Bí a ṣe tún ìwé ìbéèrè owó ìrànwọ́ wa tò sínú fọ́ọ̀mù alákọlé mẹ́sàn-án

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìyá onígàrí, ìtòsí Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní ọdún tó kọjá, mo kọ ìwé ìbéèrè owó ìrànwọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá onígàrí tí mo jẹ́ akọ̀wé wọn. Ojú ìwé mọ́kànlá ni, mo sì kọ ọ́ bí ẹni ń pìtàn: mo bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ dákẹ́, mo sọ ìyà tí àwọn ìyá ń jẹ, mo sì parí rẹ̀ sí iye owó tí a ń fẹ́. Àjọ tí a kọ ọ́ sí dá a padà. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù àwọn ní àkọlé mẹ́sàn-án, pé kí a má ṣe yí orúkọ ìkankan padà, kí a má ṣe da méjì pọ̀, kí a má sì ṣe ti èyí tó wà lẹ́yìn síwájú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún wa, Ojúde Ọba sì bọ́ sí àárín rẹ̀.

Ọ̀nà tí mo kọ́kọ́ gbà kò dára. Mo gé ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ àkọlé tó jọ pé ó bá a mu. Nígbà tí mo kà á, abẹ́ “Ìṣòro” kún àkúnwọ́sílẹ̀, abẹ́ “Bí a ó ṣe wọn àṣeyọrí” sì ṣófo. Ìgbà náà ni ó yé mi pé ìpínrọ̀ ìtàn kan ṣoṣo a máa dáhùn ìbéèrè mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wá tẹ ìwé náà jáde, mo mú gbólóhùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi bírò kọ nọ́ńbà àkọlé tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń dá lóhùn sí etí ìwé.

Ẹ wo ìpínrọ̀ kan bí mo ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀:

> Láti ìgbà tí ẹ̀rọ wa ti bàjẹ́, ìyá 24 ló ń ru ẹ̀gẹ́ lọ sí abúlé kejì tó jìnnà tó kìlómítà 4, ẹ̀gẹ́ tó bá sì pẹ́ ju ọjọ́ méjì mẹ́ta lọ a máa dúdú nínú. Bí a bá rí ẹ̀rọ tuntun, a ó kọ́ ìyá 4 bí wọn yóò ti máa lò ó àti bí wọn yóò ti máa tọ́jú rẹ̀. Ìyá kọ̀ọ̀kan yóò lè yan àpò gàrí 3 lọ́sẹ̀ dípò 1. Ẹgbẹ́ yóò máa gba owó díẹ̀ lórí agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan fún àtúnṣe.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ lọ sí “Ìṣòro”, èkejì lọ sí “Iṣẹ́ tí a ó ṣe”, ẹ̀kẹta lọ sí “Èso iṣẹ́”, ẹ̀kẹrin sì lọ sí “Ohun tí yóò mú iṣẹ́ dúró lẹ́yìn owó”. Nígbà tí gbólóhùn kẹta wá dá dúró lábẹ́ àkọlé tirẹ̀ ni mo tó rí i pé kò ní ẹsẹ̀. Ta ló ka àpò 1 yẹn? Kò sí ẹni tó kà á rí. Ẹnu lásán ni a fi ń sọ ọ́, àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká nínú ìtàn ló sì bò ó láṣìírí.

Mo mú ìwé kékeré kan, mo lọ ń jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi kà, nítorí gàrí Ìjẹ̀bú gbọ́dọ̀ kan fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó yan án, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kì bá sì sọ òtítọ́. Ìyá 24 yan àpò 31 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà, èyí tí kò tó àpò 1 fún ẹnì kan lọ́sẹ̀. Mo fi iye yẹn sí abẹ́ “Èso iṣẹ́” àti “Bí a ó ṣe wọn àṣeyọrí”, mo sì dín ìlérí wa kù láti àpò 3 sí 2.

Mo tún rí i pé “bí mo ti sọ lókè” wà nínú ìwé náà níbi mẹ́sàn-án, ohun tó sì wà lókè nígbà náà ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ báyìí. Mo yọ gbogbo wọn. Ní ti owó, mo kọ nọ́ńbà iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan: owó ọkọ̀ olùkọ́ wà nínú iṣẹ́, kò sí nínú ìṣirò owó, jẹnẹrétọ̀ wà nínú ìṣirò owó, kò sì sí iṣẹ́ kankan tó mẹ́nu bà á.

Bàbá kan, Ṣágámù

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Èlé mélòó ni wọ́n ń gbà lórí owó náà? Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa yá irú rẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, onídùúró méjì ni wọ́n bèèrè lọ́wọ́ wa.

Akọ̀wé

Bàbá, kì í ṣe owó yíyá, a kò ní í san án padà. Àkọsílẹ̀ bí a ṣe ná an nìkan ni wọn yóò bèèrè.

Olùkọ́ kan, Ìkẹ́nnẹ́

Èmi kì í dààmú ara mi tó báyìí. Bí àkọlé kan kò bá kàn mí, n kì í yọ ọ́ kúrò. Mo máa ń kọ “Kò kàn wá” sí abẹ́ rẹ̀, mo sì máa ń tẹ̀ síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sí èyí tí wọ́n fi bèèrè bí a ó ṣe dáàbò bo àwọn ọmọdé nínú ìwé tí a kọ fún ẹgbẹ́ ìkàwé wa. Wọn kò fún wa lówó náà, wọn kò sì sọ ìdí.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti bá àwọn àjọ ka irú ìwé báyìí, Ìjẹ̀bú-Òde

Aǹtí olùkọ́, ẹ ṣe dáadáa bí ẹ kò ṣe yọ àkọlé náà, nítorí ẹni tó ń wò ó yóò rò pé ẹ gbàgbé rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń kó ọmọdé jọ láti kàwé kò lè sọ pé ìdáàbòbò ọmọ kò kan òun. Ẹni tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́, àti ẹni tí ọmọ lè fẹjọ́ sùn, ni wọ́n ń bèèrè.

Akọ̀wé, ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé máàkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a máa ń fún àkọlé kọ̀ọ̀kan. Níbi tí mo ti ṣe é, àwa mẹ́ta la pín ìwé kan kà. Ẹni tó ka “Ìṣòro” lè má fojú kan ìṣirò owó. Mo ti rí ìwé tí ẹ̀rí rẹ̀ dára gan-an, ṣùgbọ́n tó wà lábẹ́ àkọlé tí kì í ṣe tèmi, n kò sì lè fún un ní máàkì. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà kì í ṣe àṣà lásán: láti ọdún 1969 tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún àjọ USAID ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń fẹ́ kí iṣẹ́ bí èso, kí èso sì gbé àfojúsùn ró. Nítorí náà, èmi ì bá tún kìlómítà 4 yẹn sọ lábẹ́ “Èso iṣẹ́”.

Akọ̀wé

Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa kò ti dọ́gba. Ọ̀rọ̀ 150 péré ni wọ́n gbà fún “Èso iṣẹ́”. Bí mo bá tún ọ̀nà jíjìn sọ níbẹ̀, àpò 31 tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kà ni yóò jáde.

Ẹ̀gbọ́n, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ fi gbólóhùn kúkúrú kan sí i. Bí kò bá gbà á, ẹ fi àpò 31 sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan tí a jọ kà á kò fẹ́ àtúnsọ rárá.

Olùkọ́, Ìkẹ́nnẹ́

Nígbà wo lẹ wá kọ “Àkótán”, nígbà tó jẹ́ pé òun ló ṣáájú nínú fọ́ọ̀mù?

Akọ̀wé

Aǹtí, òun ni mo kọ gbẹ̀yìn, ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìparí. Mo to gbogbo iye tó wà nínú ìwé sórí bébà kan, mo sì ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìyá 30 wà nínú ìṣirò owó, nítorí ẹni mẹ́fà wọ ẹgbẹ́ lẹ́yìn tí mo kọ ìtàn àkọ́kọ́. Mo dá a padà sí 24, torí àwọn tí mo kà ni wọ́n. Àwọn mẹ́fà náà kò dùn sí i, mo sì ní láti lọ bá wọn nílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ṣàlàyé pé ẹ̀rọ náà yóò lọ ẹ̀gẹ́ tiwọn náà. Wọ́n ti gba fọ́ọ̀mù wa wọlé báyìí. A kò tíì gbọ́ nípa owó.