Sípúrẹ́ẹ̀dì mẹ́ta lórí 2%: ṣé òwò mẹ́ta ni, àbí ẹyọ kan?

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ọ́pṣọ̀n. Dọ́là 6,000 ló wà nínú àkáǹtì mi. Òfin mi ni pé òwò kan ò gbọdọ̀ lè mú mi pàdánù ju 2% lọ, ìyẹn dọ́là 120.

Lóṣù tó kọjá, mo ta sípúrẹ́ẹ̀dì pọ́ọ̀tù lórí SPY, dọ́là 1 ló wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Mo gba dọ́là 25 lórí kọ́ńtíráàtì kan, nítorí náà dọ́là 75 ni mo lè pàdánù jù. Tí a bá pín 120 sí ọ̀nà 75, 1.6 ni, mo gé e sí ẹyọ kan. Lọ́jọ́ kan náà mo ṣe irú rẹ̀ lórí QQQ àti IWM, iye kan náà. Ọjà já lulẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lọ pọ̀. Dọ́là 225 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4%. Ó dùn mí gan-an, torí n kò rú òfin mi rárá.

Ṣé kí n ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí òwò kan ṣoṣo, kí 120 kárí gbogbo wọn? Àbí ẹ ní òdiwọ̀n mìíràn fún àpapọ̀?

Ọ̀rẹ́ mi kan tún ní kí n máa fi ibi tí mo bá fẹ́ jáde ṣírò, bíi dọ́là 40 dípò 75, kí n lè ta ẹyọ mẹ́ta. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí: bí ọjà bá ṣí láàárọ̀ tó ti fo ibẹ̀ kọjá ńkọ́? Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?